Bí Olóúnjẹ Bá Fẹ́ Gba Ṣọ́ọ̀bù Yín

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ nílé ní Ṣómólú àti Bàríga, lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ olóúnjẹ tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ni a mú wá. Olóúnjẹ kì í ṣe bí aránṣọ tó lè gbé máṣíìnì wọlé lónìí kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ó máa tún ilé ìdáná ṣe kó tó ta àwo oúnjẹ kan. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti ọjọ́ tí owó ilé bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Ìyá olóúnjẹ gba kọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún oṣù méjì ọ̀fẹ́. ₦200,000 lẹ ń fún un yẹn. Kí ló máa fi sílẹ̀ fún ilé? Táìlì ara ògiri, ihò èéfín tó ga kọjá òrùlé, àti kòtò tó ń gba ọ̀rá kó tó dé gọ́tà: gbogbo èyí dúró sára ilé. Ìkòkò, tábìlì àti fírísà, tirẹ̀ ni, ẹ má kà á mọ́ ọn. Ẹ to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì kọ ọ́ pé kò ní hú wọn lọ bó bá ń kó jáde.

Owó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọdún náà sì parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí káfíńtà rẹ̀ bá pẹ́, tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òrùlé yín ló ń jò tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ fi iye ọjọ́ yẹn kún ọ̀fẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sọ pé torí oṣù ọ̀fẹ́, ẹ ó gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, ní owó tí onílé lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun kò gbọdọ̀ ju ti ọdún kan lọ.

Ó ku pátákó orúkọ. Ẹ fi ọwọ́ wọn ibi tó máa wà, kí ó má bo fèrèsé ará òkè. Ẹ kọ ẹni tó máa san owó LASAA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí pátákó ní Èkó. Ẹni tó ni orúkọ ara pátákó ló yẹ kó san án. Iná tó ń tàn án, mítà rẹ̀ ni kó gbà á. Bó bá ń lọ, òun ni yóò dí ihò tó lu sára ògiri.

Bí ẹ bá fọwọ́ síwèé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọjọ́ ìjà ló ń di méjì.