Odò Gadumo àti Òfin Malus: Ohun Tí Asẹ́ Kẹta Ń Ṣe sí Ìmọ́lẹ̀

Bí ojú ọ̀run bá mọ́ ní Gadumo, ní ìlú Lọ́kọ́jà, ẹni tí ó dúró ní etí odò láàárọ̀ tí ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn kì í rí inú omi. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ta padà láti ojú odò ni yóò kún ojú rẹ̀, yóò sì bo àwọ̀ omi náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé asẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan síwájú ojú rẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe àwọn kan nínú awò oòrùn, tí ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ìdérí ìgò, dídán náà yóò máa rẹlẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, lẹ́yìn náà yóò tún padà. Láti ibi tí ó ti dán jù lọ dé ibi tí ó ti pòórá, igun 90° ni a yí asẹ́ náà. Ohun méjì ni ó yẹ kí a ṣàlàyé níhìn-ín: bí dídán náà ṣe ń dínkù ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, àti ìdí tí fífi asẹ́ mìíràn kún ti àkọ́kọ́ fi lè mú ìmọ́lẹ̀ tí ó ti pòórá padà wá.

Odò gẹ́gẹ́ bí asẹ́ àkọ́kọ́

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Ohun tí ń gbọ̀n nínú ìgbì náà ni pápá iná mànàmáná, ìgbọ̀n rẹ̀ sì máa ń dábùú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà lọ. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó wá tààrà láti ara oòrùn, kò sí ìhà kan pàtó tí ìgbọ̀n yìí yàn: òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, àti gbogbo ìhà tí ó wà láàárín wọn ni ó pín sí dọ́gbadọ́gba. Bí ìgbọ̀n náà bá wà ní ìhà kan ṣoṣo, a lè pe irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ oníhà-kan. Sísọ ìmọ́lẹ̀ di oníhà-kan ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní polaráísésọ̀n.

Ojú omi lè ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1815, David Brewster, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, fi hàn pé igun kan wà fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá, níbi tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà yóò ti jẹ́ oníhà-kan. Fún omi, igun náà jẹ́ nǹkan bí 53° sí ìlà tí ó dúró ṣánṣán lórí omi, èyí tí í ṣe 37° sí ojú omi fúnra rẹ̀. Ìgbọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà ní igun yìí kò dúró ṣánṣán rárá. Ó dùbúlẹ̀ bí ojú omi ṣe dùbúlẹ̀.

Ìdí nìyí tí Gadumo fi dára fún àyẹ̀wò yìí. Ìwọ̀-oòrùn odò ni Lọ́kọ́jà wà, nítorí náà oòrùn àárọ̀ máa ń yọ ní òdìkejì omi. Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, oòrùn máa ń ga tó 37° ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà láti ojú omi ní àkókò náà ti jẹ́ oníhà-kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tẹjú mọ́ àwòrán oòrùn nínú omi, bí asẹ́ tilẹ̀ wà níwájú ojú, nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Ọ̀nà tí ó léwu díẹ̀ ni kí a ká páálí dúdú bí ọ̀pá oníhò, kí a dojú rẹ̀ kọ ibi tí odò ti ń dán, kí a fi asẹ́ sí ẹnu rẹ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

Òfin Malus

Asẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìhà kan tí ó ń yọ̀ǹda. A lè pe ìhà náà ní ìlà ìyọ̀ǹda. Ìgbọ̀n tí ó bá ìlà yìí mu yóò kọjá. Èyí tí ó dábùú rẹ̀ ni asẹ́ yóò gbé mì. Bí ìgbọ̀n bá wá ní igun θ sí ìlà ìyọ̀ǹda, apá rẹ̀ tí ó bá ìlà náà mu nìkan ni yóò kọjá, fífẹ̀ apá yìí sì jẹ́ kósáìnì θ ní ìlọ́po fífẹ̀ ìgbọ̀n àkọ́kọ́. Agbára ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀lé fífẹ̀ ìgbọ̀n tààrà, bí kò ṣe fífẹ̀ náà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Láti inú èyí ni òfin náà ti jáde:

I = I₀ cos²θ

I₀ ni agbára ìmọ́lẹ̀ oníhà-kan tí ó dé ọ̀dọ̀ asẹ́, I sì ni agbára èyí tí ó jáde. Bí θ bá jẹ́ 30°, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò kọjá. Ní 45°, ìdajì. Ní 60°, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 90°, òfo.

Étienne-Louis Malus, ẹnjiníà ológun ilẹ̀ Faransé, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe òfin yìí. Ní ọdún 1808, ó ń fi òkúta kírísítálì wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ta padà láti ara fèrèsé ààfin Luxembourg ní Párísì. Òkúta náà máa ń sọ àwòrán kan di méjì. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun ti ń yí i, àwòrán kan ń mọ́lẹ̀ sí i bí èkejì ti ń ṣú. Kò sí asẹ́ oníke ní ayé ìgbà náà. Ó di ọdún 1929 kí Edwin Land tó béèrè fún ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí irú èyí tí a mọ̀ lónìí.

Asẹ́ tí kì í ṣe asẹ́ ògì

Ẹ jẹ́ kí a padà sí etí odò. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà ní ìgbọ̀n tí ó dùbúlẹ̀. A gbé asẹ́ kan tí ìlà ìyọ̀ǹda rẹ̀ dúró ṣánṣán síwájú rẹ̀; igun tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 90°, dídán náà sì pòórá. Nísinsìnyí, a mú asẹ́ mìíràn, a fi í sáàárín odò àti asẹ́ àkọ́kọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ sí 45°. Dídán náà padà.

Ẹni tí ó bá fi asẹ́ ògì ronú yóò sọ pé èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá sẹ́ ògì nínú asẹ́ kan, tí a tún fi òmíràn kún un, èérí tí yóò kù nínú asẹ́ lè pọ̀ sí i ni, ògì tí yóò kọjá kò lè pọ̀ sí i láé. Ibi tí àpèjúwe náà ti já nìyí. Ohun tí ó bá la asẹ́ ògì kọjá kò yí padà. Bí ó ti wọlé ni ó ṣe jáde. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó bá la asẹ́ ìmọ́lẹ̀ kọjá kò jáde pẹ̀lú ìhà tí ó bá wọlé. Ìhà asẹ́ tí ó kọjá kẹ́yìn ni ó máa ń gbé jáde, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀ mọ́ tí ó fi ìhà ìṣáájú hàn.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn bí a bá gbé e ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Láti odò dé asẹ́ tí ó wà láàárín, igun jẹ́ 45°: ìdajì kọjá, ìgbọ̀n rẹ̀ sì ti di ti 45°. Láti ibẹ̀ dé asẹ́ tí ó dúró ṣánṣán, igun tún jẹ́ 45°, kì í ṣe 90° mọ́: ìdajì ìdajì náà kọjá. Ìdá kan nínú mẹ́rin dídán odò ni ó dé ìdí páálí.

Ẹ̀rí pé yíyí ìhà padà ni ó fa èyí ni pé ipò asẹ́ ṣe kókó. Bí a bá mú asẹ́ onígun 45° kúrò láàárín, tí a fi í sẹ́yìn asẹ́ tí ó dúró ṣánṣán, òkùnkùn yóò padà, nítorí asẹ́ tí ó dúró ṣánṣán ti pa gbogbo rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Bí a sì pín 90° sí ìgbésẹ̀ mẹ́ta, 30° kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ tí yóò kọjá jẹ́ 27/64, èyí tí ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Bí a bá pín in sí ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án, 10° kọ̀ọ̀kan, yóò tó ìdá 76 nínú 100. Bí ìgbésẹ̀ ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń ṣègbé ń dínkù. Ìyẹn wà fún asẹ́ tí kò lábùkù. Asẹ́ gidi kọ̀ọ̀kan máa ń gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó yọ̀ǹda, nítorí náà tító wọn jọ lọ bẹẹrẹ yóò pa èrè náà run.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni lílo òfin Malus fún ìmọ́lẹ̀ tí kò tíì di oníhà-kan. Bí a bá fi gílóòbù iná lásán rọ́pò odò, a nílò asẹ́ mẹ́ta kí a tó lè ṣe àyẹ̀wò kan náà. Asẹ́ àkọ́kọ́ yóò gba ìdajì kọjá, bí ó ti wù kí a yí i, nítorí kò sí θ kan tí a lè wọ̀n. Àwọn méjì yòókù ni òfin náà bá wí, ohun tí ó kọjá sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà.

Àṣìṣe kejì jẹ́ ti odò fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí kò ta padà láti ojú omi: ó wọ inú omi lọ, ó kọlu ẹrẹ̀ tí odò ń gbé, ó sì padà jáde. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìhà kankan, nítorí náà yíyí asẹ́ kò pa á. Ká ní ẹ̀rọ ka 420 nígbà tí ìlà ìyọ̀ǹda dùbúlẹ̀, ó sì ka 60 nígbà tí ó dúró ṣánṣán. Ẹni tí ó bá gbàgbé ẹrẹ̀ yóò retí 105 ní 60°, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin 420. Ṣùgbọ́n 60 inú rẹ̀ kì í yí padà. 360 nìkan ni ó jẹ́ ti òfin Malus. Ìdá kan nínú mẹ́rin 360 jẹ́ 90, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 60 sì jẹ́ 150. Ohun tí ẹ̀rọ yóò kà nìyẹn.

Láti mọ̀ bóyá àyẹ̀wò gún, kí a ya àwòrán ohun tí ẹ̀rọ kà sí cos²θ. Bí ó bá jẹ́ ìlà tààrà, òfin náà dúró, ibi tí ìlà náà bá sì ti gé òpó ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kò níhà. Bí ìlà náà bá tẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a ti ṣi ibi 0° mú, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti ru omi sókè, kí igun tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ta padà má dúró sójú kan. Ó sì lè jẹ́ pé a pẹ́ jù: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn àárọ̀ ti gòkè ní nǹkan bí 2.5°, odò kì í sì í ṣe asẹ́ kan náà mọ́.