Ìdí Tí Agolo Òfìfo Fi Ń Kẹ́yìn

Ẹ wá agolo tòmátò kan tí ẹ kò tíì ṣí, irú èyí tó ki dáadáa. Ẹ wá òmíràn tí ẹ ti lò tán, kí ẹ gé ojú rẹ̀ méjèèjì kúrò títí tí yóò fi dà bí òrùka tó fẹ̀. Ẹ fi bíríkì gbé orí pákó tó gùn ní mítà 2 sókè, kí orí náà fi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ìdí lọ. Ẹ kó agolo méjèèjì sókè lórí ìlà kan náà, ẹ fi rúlà dá wọn dúró, kí ẹ wá yọ rúlà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má tì wọ́n o. Wọn yóò yí gbirigbiri bọ̀ fúnra wọn. Agolo tó kún ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí pákó, nígbà tí òfìfo yóò ṣì ku nǹkan bí ìdajì mítà.

Ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé agolo tó wúwo ló yára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ojú méjèèjì agolo ńlá tí wọ́n ń kó mílíìkì oníyẹ̀fun sí, kí ẹ jẹ́ kí òun àti òfìfo kékeré yẹn jọ sáré. Ọ̀kan tóbi, ó sì wúwo ju èkejì lọ dáadáa, síbẹ̀ wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé ni. Ìwúwo kọ́, títóbi kọ́. Ibi tí ìwúwo náà jókòó sí lára agolo ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí ẹ gbé agolo sókè, iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ṣe kò ṣòfò. Ó di agbára tó wà nípamọ́ lára agolo náà, kò sì sí agbára mìíràn tí yóò rí ná títí yóò fi délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe agbára yẹn ní 100 náírà. Bí ó bá jẹ́ yìnyín ni ẹ gbé sórí pákó tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, yóò ná gbogbo owó náà sórí ìlọ nìkan, yóò sì dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yí ní ẹnu méjì láti bọ́. Ó ń lọ síwájú, ó sì ń pòyì lórí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbára ni méjèèjì ń jẹ. Bí àwọn onífísíìsì ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

mgh = ½mv² + ½Iω²

Apá òsì ni 100 náírà wa, èyí tí ìwọ̀n agolo, ìfà ilẹ̀ àti gíga pákó jọ bí. Nínú apá ọ̀tún, ti àkọ́kọ́ ni agbára ìlọ, ti èkejì ni agbára ìyí. Lẹ́tà I ló ń sọ bí ìwúwo ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn ohun tó ń yí, ω sì ń sọ bí ó ṣe ń pòyì kíákíá tó.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí òfìfo. Tí àmì náà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, agolo náà yóò ti lọ síwájú ní ìwọ̀n gígùn etí rẹ̀ gan-an. Ìyẹn ni pé bí etí ṣe ń yára yí àárín ká ni agolo ṣe ń yára lọ. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé etí ni gbogbo ìwúwo òfìfo wà, iye tí ìyí gbà kò ní yàtọ̀ sí iye tí ìlọ gbà: 50 náírà síhìn-ín, 50 náírà sọ́hùn-ún. Ti agolo tó kún yàtọ̀. Tòmátò tó wà nítòsí àárín kò rìn jìnnà bí agolo ṣe ń pòyì, nítorí náà owó tí ìyí ń gbà kéré. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlọ yóò gba ìdá 2 nínú 3, ìyí yóò gba ìdá kan. Bọ́ọ̀lù irin inú bíárìn tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 5 nínú 7 ni ìlọ ń rí gbà.

Lórí pákó wa yìí, òfìfo yóò dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eré mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agolo tó kún yóò sì sá tó 1.6. Ìṣẹ́jú àáyá 2.5 ló máa gba èyí tó kún láti orí dé ìdí, òfìfo á sì gbà tó 2.9. Ẹ ó rí i pé ìwọ̀n agolo kò sí nínú ìdáhùn yìí rárá. Agolo tó wúwo ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ pọ̀ sí i lọ́nà kan náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti mílíìkì olómi. Ẹ fi agolo rẹ̀ tó kún bá ti tòmátò sáré, ti mílíìkì ló máa ṣáájú. Agolo rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n mílíìkì inú rẹ̀ kò tètè bá a yí, ó kàn ń bá a lọ síwájú ni. Ohun tí kò yí kò gba kọ́bọ̀ nínú owó ìyí.

Galileo lo irú pákó bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1638. Bọ́ọ̀lù idẹ ló ń yí bọ̀ nínú ihò tó gbẹ́ sára pákó gígùn, omi tó ń kán sínú ife ló sì fi ń wọn àkókò. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa agbára ìyí nígbà náà, bẹ́ẹ̀ kò dín ní ìdá 2 nínú 7 agbára bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Síbẹ̀ òfin tó rí kò yingin, pé bí àkókò bá di ìlọ́po 2, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù rìn á di ìlọ́po 4. Ìdí ni pé ìpín ìlọ àti ìyí kì í yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé agolo kò yọ̀. Ojú pákó ló ń di etí agolo mú tó fi ń pòyì, kò sì jẹ nínú owó náà, torí pé ibi tí wọ́n ti fara kanra kò fà gbọ́rọ́. Bí pákó bá dà gẹ̀rẹ́ jù, tàbí tí òróró bá wà lórí rẹ̀, agolo á máa yọ̀, díẹ̀ nínú owó yóò sì jò lọ di ooru. Òfìfo ló máa ń kọ́kọ́ yọ̀, nítorí òun ló nílò ìdìmú jù. Àmì ṣọ́ọ̀kì yín yóò fi hàn. Agolo tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 gbọ́dọ̀ yí tó ìgbà 9 lórí pákó mítà 2. Bí ó bá yí ìgbà 7 péré, ó ti yọ̀.

Ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tí táyà bá já mọ́ fọkanáísà lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́. Etí ni ọ̀pọ̀ ìwúwo táyà wà, nítorí náà agbára tó gbé bọ̀ ju ìlọ́po kan ààbọ̀ agbára òkúta tó wúwo bíi tirẹ̀, tó sì ń sá bíi tirẹ̀. Ẹ má na ẹsẹ̀ sí i. Ẹ yà fún un.