Ìwọ̀n Lọ́ọ̀tì Ló Ń Pa Àkántì

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Oúnjẹ àárọ̀ ni mo ń jẹ lọ́wọ́ tí owó fi lọ.”

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ló na fóònù sí mi bẹ́ẹ̀. Dọ́là 500 ló kó sínú àkántì fọ́rẹ́ẹ̀sì rẹ̀. 110 ló kù. Yúrò tó rà kò sì já ju píìpù 39 lọ, bẹ́ẹ̀ yúrò ń rìn ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lẹ́fíréèjì ló dá lẹ́bi. Ó ní 1:500 tí búrókà fún òun ló pa òun. Mo ní kó jókòó, ká fi bírò ṣe é.

Dọ́là 1.1000 ni yúrò kan nígbà tó rà á. Lọ́ọ̀tì kan gbáko ló rà, yúrò 100,000 nìyẹn, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 110,000. Níbo ni ẹni tó ní 500 ti fẹ́ rí i? Ibẹ̀ ni lẹ́fíréèjì ti wọlé. Ohun tí 1:500 ń sọ ni pé lórí ọjà dọ́là 500, dọ́là kan péré ni oníbàárà máa fi dógò. Lórí 110,000, ìyẹn jẹ́ dọ́là 220. Owó ìdógò yìí ni wọ́n ń pè ní mágìnì. Owó oníbàárà ṣì ni. Wọ́n kàn dì í mú títí òwò yóò fi parí ni. Ṣùgbọ́n orí 110,000 ni wọ́n ti ń ṣírò èrè àti àdánù, kì í ṣe orí 220. Bí nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn pọ́ìntì bá yí lẹ́ẹ̀kan, píìpù kan nìyẹn, dọ́là 10 ló sì jẹ́ lórí lọ́ọ̀tì kan.

Lójú fóònù, Equity ni ohun tí yóò kù síni lọ́wọ́ bí a bá ti òwò náà pa ní ìṣẹ́jú yẹn. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yìí:

```
Margin Level = Equity / Margin × 100%
```

Lọ́dọ̀ búrókà tirẹ̀, bó bá ti dé 100%, mágìnì kọ́ọ̀lù dé nìyẹn. Orúkọ lásán ni wọ́n fi ń pè é ní ìpè o. Kò sẹ́ni tó ń tẹni láago. Èèyàn ò kàn ní lè ṣí òwò tuntun mọ́ ni. Bó bá wálẹ̀ dé 50%, kọ̀ǹpútà búrókà á ti òwò náà pa fúnra rẹ̀. Búrókà mìíràn lè fi tirẹ̀ sí 20%. Inú ìwé àdéhùn tí a kì í kà ló máa ń wà.

Ìdajì 220 jẹ́ 110. Kí 500 tó di 110, 390 gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ pín 390 sí dọ́là 10 fún píìpù kọ̀ọ̀kan: 39. Láti ìgbà tó ti tẹ Buy ni ibi tí wọ́n máa tì í pa ti wà nílẹ̀, 1.0961. Òun nìkan ni kò mọ̀.

Mo wá ní, ká ní ìdámẹ́wàá lọ́ọ̀tì lo rà ńkọ́? Mágìnì á jẹ́ dọ́là 22, píìpù á jẹ́ dọ́là kan. Yúrò gbọ́dọ̀ já ní píìpù 489 kí wọ́n tó tì í. Owó kan náà, búrókà kan náà, 1:500 kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá dín lẹ́fíréèjì kù sí 1:100, ká fi ìdámẹ́wàá lọ́ọ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mágìnì á di 110, wọ́n á tì í nígbà tó bá ku 55, ìyẹn lẹ́yìn píìpù 445. A dín lẹ́fíréèjì kù, ibi ìtìpa tún súnmọ́ díẹ̀ sí i! Ó wò mí títí. Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́fíréèjì ńlá ni pé ó ṣílẹ̀kùn fún àràjù: lábẹ́ 1:100, mágìnì lọ́ọ̀tì kan jẹ́ dọ́là 1,100, 500 rẹ̀ ò bá má lè rà á rárá.

Àṣà kan tún wà tó burú ju èyí lọ. Ẹnì kan ra ààbọ̀ lọ́ọ̀tì pẹ̀lú dọ́là 500 yìí kan náà, lábẹ́ 1:500. Píìpù 89 ló ní lọ́wọ́. Yúrò já ní 40, dọ́là 200 ti lọ, ó ku píìpù 49. Ló bá tún ra ààbọ̀ mìíràn, ó ní ó ti pọ̀. Owó tó kù jẹ́ 300, mágìnì ti di nǹkan bíi 220, píìpù kan ti di dọ́là 10. Píìpù 49 tó kù sọ̀ ọ́ di 19 lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ọjà mira.

Gbogbo ìṣirò yìí, mo yọ sípírẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀, mo sì gbà pé búrókà máa rí ẹni tó máa ra ọjà náà ní iye tí a kọ. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Láti 2011 ni báǹkì àpapọ̀ Siwitsaláǹdì ti ń ràn yúrò lọ́wọ́ kó má baà wálẹ̀ ju fúránkì 1.20 lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 2015, wọ́n jáwọ́ lójijì, yúrò sì já wálẹ̀ kọjá fúránkì kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi ìtìpa àwọn èèyàn wà lójú ọ̀nà, iye ọjà fò ó kọjá. Àwọn oníbàárà FXCM jẹ ilé iṣẹ́ náà ní gbèsè dọ́là mílíọ̀nù 225. Alpari UK kógbá wọlé.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ṣí òwò, ẹ béèrè lọ́wọ́ búrókà yín bóyá àkántì lè wọ gbèsè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.