Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ̀rọ̀ Tó Pọ̀ Jù Kúrò Nínú Ìjábọ̀ Láìba Ìtumọ̀ Jẹ́

Ìjábọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń kọ fún ìgbìmọ̀ sábà máa ń gùn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó ń kà á fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ta ló jẹ owó, èló ló jẹ, láti ìgbà wo, kí sì ni ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ọ̀rọ̀ iwájú ló máa ń bo ìdáhùn wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù kò gbọ́dọ̀ kàn máa wo gígùn gbólóhùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó máa bi ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí mo bá yọ eléyìí, ǹjẹ́ ohun kan wà tí ẹni tó ń kà á kò ní mọ̀ mọ́? Bí kò bá sí, kí ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí ó bá wà, kó jókòó sáyè rẹ̀, ì báà gùn.

Mo kọ ìpínrọ̀ kan sísàlẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, kí a lè jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀:

"Ní ti ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá, ó jẹ́ ohun tí a ṣàkíyèsí pé láàárín àsìkò oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí iye wọn tó nǹkan bí 22 ni wọn kò ní àǹfààní láti lè ṣe ìsanpadà owó tí wọ́n yá ní àsìkò tó yẹ kí wọ́n san án. Nítorí ìdí èyí, ìgbìmọ̀ ti ṣe ìpinnu láti gbé ìgbésẹ̀ lórí ṣíṣe àbẹ̀wò sí àwọn onídùúró wọn kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, bí ó bá ṣeé ṣe."

Ọ̀rọ̀ 86 ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. "Ní ti ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá" kò sọ ohun kan tí gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ kò ní sọ láìpẹ́. "Ó jẹ́ ohun tí a ṣàkíyèsí pé" náà kò ṣiṣẹ́ kankan, nítorí ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé ohun tí akọ̀wé rí ló ń kọ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí wá láti inú ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, níbi tí kò ti dára kéèyàn kàn sọ ọ̀rọ̀ lójijì. Ìkíni ní ipò tirẹ̀ lójú ìwé, òkè ìjábọ̀ sì ni ipò náà. Kí akọ̀wé kí alága àti ìgbìmọ̀ dáadáa níbẹ̀, kó má sì tún máa kí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpínrọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a óò wá ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ sí jù nínú ìjábọ̀ Yorùbá. Akọ̀wé mọ "pinnu", ó kọ "ṣe ìpinnu". Ó mọ "san padà", ó kọ "ṣe ìsanpadà". Ó mọ "ràn wá lọ́wọ́", ó kọ "ṣe ìrànlọ́wọ́ fún wa". Nígbà tó bá wá di ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń pín sí méjì, bíi "bẹ̀ wò" àti "yẹ̀ wò", ọ̀rọ̀ á tún le sí i: "gbé ìgbésẹ̀ lórí ṣíṣe àbẹ̀wò sí àwọn onídùúró" kò ju "bẹ àwọn onídùúró wò" lọ. Ẹ kàn dá ọ̀rọ̀-ìṣe padà sípò rẹ̀, kí ẹ fi ẹni tàbí ohun tó kàn sáàárín rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn á já fúnra wọn. Ibì kan wà tí kò yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀rọ̀-orúkọ náà bá ti di orúkọ ohun kan pàtó. "Àyẹ̀wò ọdọọdún" tí ọ̀dítọ̀ ń ṣe jẹ́ orúkọ iṣẹ́ kan tó ní ìwé àti ìbuwọ́lùwé. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ọ̀dítọ̀ "yẹ ìwé wò", ẹni tó ń kà á lè rò pé ó kàn ṣí ìwé lásán ni.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọ̀rọ̀ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan. "Àsìkò" ni oṣù mẹ́ta, nítorí náà "láàárín àsìkò oṣù mẹ́ta" di "láàárín oṣù mẹ́ta". "Nítorí" ti gbé ìdí lọ́wọ́, nítorí náà "nítorí ìdí èyí" di "nítorí èyí". Ọwọ́ yín kò gbọ́dọ̀ yá jù níbí o. "Èlé àti ìtanràn" jọ ìbejì, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: èlé ń tẹ̀lé gbogbo owó tí ọmọ ẹgbẹ́ yá, ìtanràn sì jẹ́ ti ẹni tó bá pẹ́. Bákan náà ni "owó ìfipamọ́ àti owó ṣíà". Ẹni tó bá yọ ọ̀kan nínú wọn ti yí àkáńtì padà.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí tán, ohun tó kù nìyí:

"Láàárín oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, nǹkan bí ọmọ ẹgbẹ́ 22 ni kò lè san owó tí wọ́n yá padà lásìkò. Nítorí èyí, ìgbìmọ̀ ti pinnu láti bẹ àwọn onídùúró wọn wò kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, bí ó bá ṣeé ṣe."

Ọ̀rọ̀ 43 ni, ìdajì ti àkọ́kọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dúró síbí. Ohun tí Winston Churchill, olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn nínú ìwé tó kọ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1940 náà nìyẹn: kí ìjábọ̀ kúrú, kí àlàyé jàn-àn-ràn-jan-an-ran lọ sí àfikún lẹ́yìn ìwé, kí wọ́n sì yọ àwọn ọ̀rọ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè rọ́pò. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ lójú tèmi, ìgbà tí gbólóhùn bá ti kúrú báyìí ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìgbà náà ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n fara pa mọ́ sáàárín ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú.

Ẹ wo "lè" nínú "kò lè san". Ẹni tó ń sáré gé ọ̀rọ̀ á sọ ọ́ di "kò san", ó sì ti yí ọ̀rọ̀ padà. "Kò lè san" sọ pé apá wọn kò ká a. "Kò san" sọ pé owó kò wọlé, kò sì sọ ìdí. Ìgbìmọ̀ lè sún ọjọ́ síwájú fún ẹni tí kò lè san, kí wọ́n sì bu ìtanràn lé ẹni tó ní owó tí kò san. Èwo ni akọ̀wé ní lọ́kàn? Ẹni tó ń tún ìwé ṣe kò mọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ méfò. Kó fi àmì sí i, kó lọ béèrè.

"Nǹkan bí" náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "nǹkan bí 22": bí kò bá dá wa lójú, "nǹkan bí 20" ni a máa ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ ìfojúdá bá ti jókòó ti iye tó pé pérépéré, ohun kan wà nídìí rẹ̀ tí ẹnìkan kò kọ sílẹ̀. "Lásìkò" ńkọ́? Bí a bá yọ ọ́, àwọn tó san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan á di ẹni tí kò san rárá. Kò ṣeé yọ. "Bí ó bá ṣeé ṣe" sì rúni lójú jù: ṣé àbẹ̀wò náà ni kò dájú ni, àbí ọjọ́ rẹ̀? Ìgbìmọ̀ tó ti "pinnu" ohun kan tí ó sì tún ní "bí ó bá ṣeé ṣe" ní ohun kan tí wọ́n ń dúró dè. Kí ni?

Ká ní akọ̀wé wá dáhùn pé ìwé owó kò sọ ìdí tí wọn kò fi san. Pé 20 ló dá òun lójú, àmọ́ àwọn méjì kan sọ pé àwọn ti san sí báńkì, owó wọn kò sì tíì hàn. Pé ohun tí ìgbìmọ̀ ń dúró dè kò ju owó ọkọ̀ tí akápò kò tíì fọwọ́ sí. Gbólóhùn á wá dà báyìí:

"Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ọmọ ẹgbẹ́ 20 ni kò san owó tí wọ́n yá padà lásìkò. Àwọn 2 mìíràn sọ pé àwọn ti san tiwọn sí báńkì, ṣùgbọ́n a kò tíì rí i nínú ìwé báńkì. Ìgbìmọ̀ ti pinnu láti bẹ onídùúró àwọn 20 náà wò kí oṣù Keje tó parí, bí akápò bá ti fọwọ́ sí owó ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ 61 ni. Ó gùn ju èyí tí a kọ́kọ́ gé lọ, ó sì dára jù ú lọ, nítorí "nǹkan bí" àti "bí ó bá ṣeé ṣe" ti di ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe nǹkan sí. Orúkọ oṣù rọ́pò "oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn" àti "oṣù tó ń bọ̀", nítorí ẹni tó bá ṣí ìwé náà lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní mọ oṣù tí a ń wí. "Nítorí èyí" ti lọ, nítorí "àwọn 20 náà" ti so àbẹ̀wò mọ́ àìsanwó. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ló tún ibòmíràn ṣe: nínú ìpínrọ̀ ọlọ́rọ̀ 43, "onídùúró wọn" lè jẹ́ onídùúró àwọn tó jẹ owó, ó sì lè jẹ́ ti ìgbìmọ̀. Bí a bá ń gé ọ̀rọ̀, "wọn" àti "ó" máa ń pọ̀ sí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ṣì hàn.

Bí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀ tán, ẹ má ju ìwé àkọ́kọ́ nù. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi àmì sí gbogbo iye, gbogbo orúkọ, gbogbo ọjọ́, àti àwọn ọ̀rọ̀ bíi "ó kéré tán", "títí di", "lára", "kò tíì" tó wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ti ìkejì, tàbí kí ẹ lè sọ ìdí tí kò fi sí níbẹ̀. "Lára àwọn tó yá owó" tó di "àwọn tó yá owó" ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí, ó sì ń sọ àwọn tí kò jẹ gbèsè di onígbèsè lójú ìwé.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n máa ka ìjábọ̀ náà sókè ní ìpàdé gbogbogbòò, ẹ má gé e tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ kò lè padà sókè ojú ìwé. Fún un, ẹ tún "àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 20 tí kò san lásìkò" sọ dípò "àwọn 20 náà", kí ẹ sì dá orí ọ̀rọ̀ padà síwájú ìpínrọ̀, ní kúkúrú: "Owó yíyá." Ẹ̀dà tó máa lọ sínú fáìlì ẹgbẹ́ kò nílò àtúnsọ yẹn.