Bọ́ǹbù Kan, Pádì Kan, Gbogbo Ilé

Bí pádì kan ṣoṣo bá wà nílé, tí ènìyàn mẹ́rin jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ẹni mẹ́ta ni yóò máa wòran. Overcooked, níbi tí wọ́n ti ń dáná pọ̀, dùn gan-an, àmọ́ ó gba ju pádì kan lọ kí gbogbo ilé tó lè bá a ṣe. Ní ti Mario Kart, ọmọ onílé ni yóò na gbogbo àlejò. Èyí tó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu lójú tèmi ni Keep Talking and Nobody Explodes, tí iléeṣẹ́ Steel Crate Games ní Kánádà gbé jáde ní 2015.

Ẹni tó di pádì mú nìkan ló ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ǹbù wà níwájú rẹ̀, aago ń kà á sẹ́yìn, kò sì mọ bí òun yóò ṣe pa á. Àwọn tó kù kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ọwọ́ wọn ni ìwé ìtọ́nisọ́nà wà. Ojú ìwé 23 ni, ọ̀fẹ́ sì ni ní bombmanual.com. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ pín in. Bó bá wà lórí fóònù ẹnì kan, onífóònù nìkan ni yóò ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká wo ti wáyà ara bọ́ǹbù náà. Ọmọ pariwo pé: “Wáyà mẹ́rin! Láti òkè: rẹ́ẹ̀dì, búlúù, rẹ́ẹ̀dì, funfun.” Ìyá rẹ̀ ṣí ìwé, ó rí i pé bí rẹ́ẹ̀dì bá ju ẹyọ kan lọ, tí nọ́ńbà tó parí sẹ́ríà bọ́ǹbù náà kò sì ṣe é pín sí méjì dọ́gba, rẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn ni kí wọ́n gé. Ó béèrè sẹ́ríà. Ọmọ yí bọ́ǹbù, ó rí 7 ní ìparí, ó gé wáyà kẹta. Ká ní 6 ló rí ni, òfin yẹn ti bọ́. Níwọ̀n ìgbà tí búlúù jẹ́ ẹyọ kan péré, wáyà àkọ́kọ́ ni wọn ìbá gé. Nítorí náà, kí ẹni tó di pádì kọ́kọ́ ka sẹ́ríà sókè kó tó ṣe ohunkóhun. Kí ẹ sì fẹnu kò lórí orúkọ àwọ̀ ṣáájú, torí àwọn àgbà kan ń pe yẹ́lò náà ní pupa.

Níbi àmì mẹ́rin tí kò lórúkọ lára bọ́ǹbù náà ni ẹ̀rín ti ń bẹ́. Ẹnì kan ní ó dà bí ìwo àgbò, ẹlòmíràn ń wá ìwo kiri inú ìwé. Òpó kan ṣoṣo nínú ìwé ló ní àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n ṣe tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni kí ọmọ tẹ̀ wọ́n.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni bọ́ǹbù àkọ́kọ́ fún yín. Bí ẹ bá ṣì í, aago á túbọ̀ máa sáré. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bú gbàmù. Ohun tó sábà ń fà á ni kí ẹni mẹ́ta máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọmọ á sì gé wáyà lórí gbólóhùn tí kò tíì parí.

Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè di pádì mú, bó bá ti mọ àwọ̀, nọ́ńbà àti lẹ́tà. Bó bá pẹ́, ẹnì kan á ti mọ òfin wáyà sórí. Ẹ gba ojú ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fún un ní èyí tí kò ṣí rí.