Ìwé Ẹrù Ilé: Ẹ Kọ Àléébù Sílẹ̀ Kí Kọ́kọ́rọ́ Tó Kúrò Lọ́wọ́ Onílé

Ọjọ́ tí ayálégbé bá ń kó jáde ni ìjà ilé tí onílé ti kó ẹrù sí sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀. Onílé á nawọ́ sí àga kan, á ní, "Ẹ ò bá a báyìí." Ayálégbé á fèsì pé bí òun ṣe bá a gan-an nìyẹn. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni owó kọ́ṣọ̀n ti wà lọ́wọ́ onílé láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì máa ń borí, ì báà jàre, ì báà jẹ̀bi.

Irú ilé báyìí ti pọ̀ gan-an ní Lẹ́kí, Yábà, Ìkẹjà àti Bódìjà n'Íbàdàn. Àwọn tí iléeṣẹ́ wọn gbé láti ìlú kan sí òmíràn ń gbà á, àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ wá lo oṣù díẹ̀ nílé náà ń gbà á. Ẹni tó gba irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gba yàrá lásán. Ibùsùn, firíìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, ínfátà, títí dé abọ́ àti ṣíbí, gbogbo rẹ̀ ló gbà sọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé ẹrù ilé so mọ́ ìwé àdéhùn.

Ọ̀pọ̀ onílé ní irú ìwé yìí, síbẹ̀ ìjà kì í tán. Ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú rẹ̀: "Àga 4, tẹlifíṣọ̀n 1, firíìjì 1, gbogbo rẹ̀ wà dáadáa." "Wà dáadáa" yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àga tí wọ́n rà lánàá wà dáadáa, èyí tó ti lo ọdún márùn-ún tó ṣì ṣeé jókòó lé náà wà dáadáa. Bí ayálégbé bá fọwọ́ sí i, ó ti gbà pé kò sí ojú kíkùn kan lára ẹrù náà nìyẹn. Bí onílé bá fọwọ́ sí i, kò ní ohun tó máa fi tọ́ka sí ibi tí wọ́n bà jẹ́ lẹ́yìn náà.

Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ìdájọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹrù, iye rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ìgbà tí wọ́n rà á àti iye tí wọ́n rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àléébù rẹ̀: ibi tó wà, irú ẹ̀ tó jẹ́, àti bó ṣe tóbi tó. Bí àpẹẹrẹ:

"Àga gígùn ẹlẹ́ni mẹ́ta, aláwọ̀ eérú, 1. Oṣù Kẹfà 2022, ₦480,000. Awọ apá ọ̀tún ti bó, ó gùn tó ìka ọwọ́ kan. Ìjókòó àárín ti rì díẹ̀. Kò sí ibi tó jó, kò sí ibi tó ya."

Ẹ kíyè sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Onílé ni irú rẹ̀ ń dáàbò bò, bí èyí tó sọ nípa awọ tó bó ṣe ń dáàbò bo ayálégbé. Ìwé tó bá ti ojú ẹnì kan ṣoṣo kọ, ẹnì kejì kì í fara mọ́ ọn.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ògbólógbòó pààrọ̀ tuntun. Ẹ tan wọ́n kí ẹ tó kọ ọ́ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, nítorí òmíràn á máa fẹ́ atẹ́gùn jáde láì mú yàrá tutù. Ẹ tan iná gáàsì lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ sì ṣí i padà. Ẹ kọ iye rìmóòtù, iye kọ́kọ́rọ́, àti yúnìtì tó kù nínú mítà iná.

Ojúmọmọ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì jọ wà níbẹ̀, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Ẹ ya fọ́tò àléébù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan láti òkèèrè tó máa fi ẹrù náà hàn lódindi, ọ̀kan láti ìtòsí tó máa fi ojú àléébù hàn. Kí àwọn méjèèjì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ síra wọn lójú ẹsẹ̀ lórí Wátsáàpù, kí ọjọ́ àti àkókò lè wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fọwọ́ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Kí ìwé àdéhùn gan-an sì sọ ọ́ pé ìwé ẹrù yìí jẹ́ ara òun.

Àwọn nǹkan kan wà tí ojú kì í rí lọ́jọ́ kan. Firíìjì lè má dì dáadáa, bátìrì ínfátà lè kú láàárín wákàtí kan, òrùlé lè máa jò bí òjò bá dé. Nítorí náà, ẹ fi gbólóhùn kan sí i pé ayálégbé ní ọjọ́ méje láti kọ ohunkóhun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, kí onílé sì wá wò ó. Bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ọdún, kí ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ìwé. Ẹ sọ̀rọ̀ iná tó ń wá pẹ̀lú agbára òdì náà ṣáájú. Òun ló ń ba firíìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù jẹ́ jù nílé wa. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí onílé pèsè ẹ̀rọ tó ń dáàbò bò wọ́n, kí ayálégbé má sì yọ ọ́. Bí iná bá jó ẹ̀rọ nígbà tí ààbò yẹn wà níbẹ̀, ẹ̀bi ayálégbé kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọjọ́ ìjádelọ. Ká ní ayálégbé kan wọlé ní oṣù Kẹfà 2024, ó san ₦200,000 gẹ́gẹ́ bí kọ́ṣọ̀n, ó sì jáde lẹ́yìn ọdún kan. Ìwé yẹn kan náà ni wọ́n mú dání, wọ́n sì tún ilé wò bí wọ́n ṣe wò ó lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n rí nǹkan mẹ́rin. Awọ tó bó lápá àga ti gùn díẹ̀ sí i. Áyọ̀ọ̀nù ti jó ìjókòó àárín. Rọ́bà ẹnu firíìjì ti rọ̀. Rìmóòtù ẹ̀rọ amúlétutù méjì ló wà nínú ìwé, ẹyọ kan ni wọ́n rí.

Onílé fẹ́ gba gbogbo kọ́ṣọ̀n fi ra àga tuntun. Ìwé kò gbè é. Awọ apá àga ti ń bó kí ayálégbé tó dé, ìlò ló sì mú un gùn sí i. Rọ́bà firíìjì náà, gbígbó ló gbó. Ohun tó bá ti ọwọ́ ìlò lásán gbó, onílé ló ni ín, torí owó ilé ló fi ń gba owó ìlò náà. Ṣùgbọ́n áyọ̀ọ̀nù kì í ṣe ìlò àga, ayálégbé ló ba ìjókòó jẹ́. Òun náà ló sọ rìmóòtù nù.

Èló ni yóò san? Wọ́n pe ẹni tó ń ṣe àga, ó ní òun lè yí aṣọ ìjókòó náà padà ní ₦45,000. Rìmóòtù jẹ́ ₦8,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦53,000, nítorí náà ₦147,000 ni onílé gbọ́dọ̀ dá padà. Bí àtúnṣe bá ṣeé ṣe, owó àtúnṣe ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe owó tuntun.

Ká ní àga náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ńkọ́? Ibí ni ọjọ́ orí ẹrù ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò pé ọdún mẹ́fà ni irú àga bẹ́ẹ̀ yóò lò, tó sì ti lo mẹ́ta, ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ló kù. Ìdajì ₦480,000 jẹ́ ₦240,000. Onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àga ọlọ́dún mẹ́ta gba tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àmọ́ ọjà ti gbówó lórí. Bí irú àga náà bá ti di ₦900,000, ₦240,000 kò ní ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, iye ọjà òní ló yẹ kí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọdún tó ti lò kúrò. Èyí ó wù kí wọ́n yàn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí inú kò tíì bí ẹnikẹ́ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń gbé irú ilé yìí, ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2007 ni òfin ti ní kí onílé fi irú owó yìí sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ìjà bá dé, owó ayálégbé ni wọ́n kà á sí títí onílé yóò fi fẹ̀rí hàn. Ìwé ọjọ́ ìwọlé àti ti ọjọ́ ìjáde ni onídàájọ́ á gbé síra wọn. Onílé tí kò ní ìwé ìwọlé kì í sábà rí nǹkan gbà.

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, Òfin Ilé Yíyá ọdún 2011 ní kí onílé tó bá gba owó nítorí ìbàjẹ́ já rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni ilé oníẹrù pọ̀ sí. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ bá kọ tí ẹ sì fọwọ́ sí ni ẹ̀rí yín. Ẹ̀yin onílé, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ra ẹrù àti iye tí ẹ rà á sínú ìwé yín. Ẹ̀yin ayálégbé, bí wọ́n bá gbé ìwé tó ní "wà dáadáa" wá, ẹ má fọwọ́ sí i títí ẹ ó fi jọ kọ ohun tí ojú yín rí.