Ìyàtọ̀ Ìgbà àti Ìwọ̀n nínú Gíga Takọtabo ní Ìgbà Ìbàlágà

Bí ìbejì takọtabo bá pé ọmọ ọdún 12, obìnrin sábà máa ń ga ju ọkùnrin lọ. Àsìkò yìí ni gíga obìnrin ń yára jù, ó lè fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga lọ́dún. Ti ọkùnrin di nǹkan bí ọdún 14, ó sì lè tó 9 tàbí 10. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tí ọkùnrin fi ń dúró yìí, ó ṣì ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga lọ́dọọdún. Ìdúró yìí gan-an ló fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 tí ọkùnrin fi ń ga ju obìnrin lọ lágbà. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí ìkejì rẹ̀ ga jù ú lọ kò ṣàìsàn. Bí àmì ìbàlágà kankan kò bá hàn títí ó fi pé ọdún 14 ni ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.